Àìdùn Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Lórí Ìpá Olómi Lára Àgbà Ọkùnrin

Èrò kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá, yálà àwọn tó wà nílé ní Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí àwọn tó ti di ará àdúgbò Ali Kazaure ní ìlú Jọ́ọ̀sì, pé bí ẹpọ̀n àgbà ọkùnrin bá wú tí kò sì dùn ún, ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń gbé dé iwájú dókítà. Ìpá ni, wọ́n á ní. Ọjọ́ orí ló mú un wá, tàbí ẹrù wúwo tí baba rù nígbà èwe, tàbí pé ayé ló fi bá a jà, àti pé níwọ̀n ìgbà tí baba bá ṣì ń jẹ, tó ń sùn, tó sì ń lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, agbádá tó balẹ̀ ti tó fi bo àṣírí rẹ̀. Bí wíwú náà bá wá pọ̀ ju ohun tí agbádá lè bò, àgbo ló kàn, tàbí kí wọ́n wá ẹni tó ní abẹ́rẹ́ kó bá wọn fa omi inú rẹ̀ jáde ní ìkọ̀kọ̀.

Èrò yìí kì í ṣe ti òpè nìkan, ó sì ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń dun ènìyàn ló yẹ kó wò, ọ̀pọ̀ ohun tí kò sì dùn ún ló ń fi sílẹ̀ láìsí wàhálà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fi ìrora ṣe adájọ́ níbi tí ìrora kò ti mọ ẹjọ́ dá. Nínú gbogbo wíwú tó lè bá ẹpọ̀n àgbà, èyí tí kò léwu rárá àti èyí tó lè pa á ló sábà máa ń dé láìsí ìrora kankan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní kí ara òun balẹ̀ nítorí pé kò dun òun kò tíì mọ èyí tó wà lára òun nínú méjèèjì. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè nípa ẹpọ̀n tó wú ni ohun tó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe bóyá ó ń dunni.

Kóró ẹpọ̀n kọ̀ọ̀kan wà nínú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìpele méjì, tí ọ̀kan lẹ̀ mọ́ kóró náà tí èkejì sì wà lóde rẹ̀, omi díẹ̀ ló sì wà láàárín wọn, ìwọ̀nba tí kóró náà yóò fi lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láìha. Awọ yìí kan náà ló ń sun omi ọ̀hún, òun náà ló sì ń fà á padà sínú ara, nítorí náà bí èyí tó ń sun bá ju èyí tó ń padà lọ, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbárajọ, á sì yí kóró náà ká. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní haidirosíìlì, tí ó sì bójú mu láti pè ní ìpá olómi. Nítorí pé omi náà ń pọ̀ ní díẹ̀díẹ̀ fún oṣù tàbí fún ọdún, awọ ń rí àyè nà tẹ̀lé e, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í dùn; ìwúwo nìkan ni ọkùnrin náà ń gbọ́, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tó bá ti dúró pẹ́. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ohun tó da ìwọ̀n náà rú. Lára àwọn mìíràn, ọgbẹ́ àtijọ́ ni, tàbí kòkòrò tó ti bá kóró ẹpọ̀n jà rí, tàbí aràn jàbùtẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Lára àwọn díẹ̀, ohun búburú kan tó ń hù lára kóró fúnra rẹ̀ ló ń mú kí awọ sun omi lé e lórí, ibẹ̀ sì ni èrò pé “omi lásán ni” ti ń ṣìnà jù lọ, nítorí pé omi náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó fà á wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ìka kò lè dé.

Kí a gbé baba kan kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 64 tó ń ta aṣọ ní Jọ́ọ̀sì, tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ dá oko ní apá Ṣẹ́ńdámù nísàlẹ̀ ìpínlẹ̀ Plateau, tí ẹpọ̀n rẹ̀ lápá ọ̀tún sì ti ń wú fún ọdún mẹ́ta láìdùn ún. Ohun tí oníṣègùn tó mọṣẹ́ yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó béèrè bóyá ó ń dùn ún. Yóò ní kí baba dìde dúró, yóò sì fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́sọ́nà wá orí wíwú náà, níbi tí ẹpọ̀n ti pàdé itan àti ikùn. Bí ìka méjèèjì bá lè pàdé lókè wíwú náà, tí kò sí ohun kankan láàárín wọn ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó so kóró rọ̀, a jẹ́ pé inú ẹpọ̀n ni wíwú náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá lè pàdé, tí wíwú náà ń bá a lọ wọ inú ikùn, ìpá ìfun ni a ó fura sí, ìyẹn ni pé ìfun tàbí ọ̀rá inú ikùn ló gba ihò ibi tí ara ti rọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹpọ̀n. Yóò ní kí baba wúkọ́, nítorí ìpá ìfun a máa ta ìka sẹ́yìn bí ó bá ti wúkọ́. Yóò sì ní kó dùbúlẹ̀, nítorí pé ìpá ìfun lè padà sínú ikùn fúnra rẹ̀ tàbí kí wọ́n rọra tì í padà, nígbà tí ìpá olómi yóò wà níbi tó wà, bó bá dìde, bó bá dùbúlẹ̀.

Yóò pa iná yàrá, yóò sì fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ẹ̀yìn wíwú náà. Omi tó mọ́ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, gbogbo ẹpọ̀n náà á sì tàn yòò ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tí ẹran líle, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìfun àgbàlagbà kì í sábà jẹ́ kó kọjá. Ìdánwò yìí dára, ṣùgbọ́n àwọn tó gbára lé e jù ń ṣe àṣìṣe kan tó yẹ kí ará Plateau mọ̀: bí ìpá olómi bá ti pẹ́, tàbí tó jẹ́ pé aràn jàbùtẹ̀ ló fà á, awọ rẹ̀ a máa nípọn, omi inú rẹ̀ sì lè dà bí wàrà, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní ráyè kọjá. Àìtàn tọ́ọ̀ṣì, nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rí pé kì í ṣe omi, ó kàn túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí mìíràn.

Ohun tó kẹ́yìn tí ọwọ́ ń wá ló ṣe pàtàkì jù, ìyẹn kóró ẹpọ̀n fúnra rẹ̀. Nínú ìpá olómi, kóró wà láàárín omi, ọwọ́ kì í sì í lè yà á sọ́tọ̀ bí omi náà bá ti pọ̀. Bí ọwọ́ bá bá kóró náà ní mímọ́ tónítóní, tí wíwú kékeré kan tó rọ̀ sì wà lókè tàbí lẹ́yìn rẹ̀ lọ́tọ̀, àpò omi tó hù lára okùn tí àtọ̀ ń gbà ni, irú èyí sì wọ́pọ̀ lára àgbà, kò sì léwu. Bí ohun tí ọwọ́ bá bá jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú lọ́pọ̀lọpọ̀ tó ń lọ́ mọ́ra, tó ń yọ nígbà tó bá dúró tó sì ń parẹ́ nígbà tó bá dùbúlẹ̀, ìyẹn tún yàtọ̀. Apá òsì ni irú iṣan wíwú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láti ìgbà ọ̀dọ́, nítorí náà bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára àgbà, tàbí tó jẹ́ apá ọ̀tún nìkan ló wà, tàbí tí kò parẹ́ nígbà tó dùbúlẹ̀, dókítà yóò fẹ́ wo kíndìnrín rẹ̀, torí kókó tó bá ń hù níbẹ̀ lè dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà láti ẹpọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ọwọ́ bá bá jẹ́ kókó líle tó wà nínú kóró fúnra rẹ̀, kò sí oníṣègùn tó mọṣẹ́ tí yóò pè é ní nǹkan mìíràn ju jẹjẹrẹ lọ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kókó líle náà kì í sì í sábà dùn.

Ní ti baba inú àpẹẹrẹ, ìka pàdé lókè, ikọ́ kò ta ìka, wíwú náà kò padà nígbà tó dùbúlẹ̀, tọ́ọ̀ṣì tàn díẹ̀ níbì kan tí kò sì tàn níbòmíràn, ọwọ́ kò sì rí kóró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìpá olómi ni, ṣùgbọ́n àìrí kóró yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí. Àwòrán tí wọ́n ń fi ìró ohùn yà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní síkáànù, ló ń yanjú rẹ̀. Kò ní kí baba gbé ara rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ kankan, kò sì dùn ún: ó ń fi omi hàn bíi dúdú, ó sì ń fi kóró hàn láàárín rẹ̀, bóyá ó mọ́ tàbí ó ní kókó nínú.

Àwọn tó ń gbèjà èrò àtijọ́ lè sọ pé jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn adúláwọ̀, àti pé èyí tó bá wà pàápàá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló sábà máa ń bá jà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ẹni 60 ọdún lọ sókè, irú rẹ̀ kan wà tó wọ́pọ̀ ju àwọn yòókù lọ, tí kì í tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì kóró bí ti àwọn ọ̀dọ́, tó jẹ́ jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń gbógun ti àrùn, ó sì lè mú kí ẹpọ̀n méjèèjì wú. Àìwọ́pọ̀ nìkan kò tó láti fi dá baba kan padà láìwò ó, nítorí pé ẹni tí ó bá lára kò sí nínú àwọn tí kò bá.

Àríyànjiyàn mìíràn tún wà tó ní orúkọ Plateau lórí. Ní ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn jàbùtẹ̀ fún gbogbo ìlú ní ìpínlẹ̀ Plateau àti Nasarawa, lábẹ́ ètò ìjọba pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Carter tí ó ní ọ́fíìsì ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì kéde ní ọdún 2017 pé àrùn náà kì í ṣe ìṣòro ìlera gbogbo ènìyàn mọ́ ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, ọdún kan náà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé orílẹ̀-èdè Tógò ti ṣe irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wá ń sọ pé bí àrùn ti tán, ìpá olómi tí ó bá ṣẹ́ kù kì í ṣe ti aràn mọ́, tàbí pé ẹni tó bá ti gbé oògùn náà mì lọ́dọọdún yóò rí i pé ìpá rẹ̀ yóò yọ́ fúnra rẹ̀. Èyí da ohun méjì pọ̀. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà káàkiri ló ń gbé aràn náà wọ inú ara, aràn náà sì ń dàgbà nínú àwọn iṣan tí omi ara ń gbà, nínú ọkùnrin pàápàá nínú àwọn tó wà lára okùn kóró ẹpọ̀n, á sì máa ba wọ́n jẹ́ fún ọdún mélòó kan kí ó tó kú. Oògùn áífàmẹ́ktìn àti albẹ́ńdásólù tí wọ́n pín ń pa àwọn ọmọ aràn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀fọn má bàa rí ohun gbé lọ fún ẹlòmíràn, ìyẹn sì ni ìdí tí àrùn fi dáwọ́ dúró láti máa ràn. Ṣùgbọ́n iṣan tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́, awọ tó ti nípọn kò sì ní fẹ́lẹ́ nítorí oògùn. Baba tó dá oko ní Ṣẹ́ńdámù ní ogójì ọdún sẹ́yìn lè máa gbé ohun tí ẹ̀fọn ìgbà náà fi sílẹ̀ kiri lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọn ìsinsìnyí kò ní ohun tí yóò fi ràn án mọ́. Ohun tó tún yẹ kí a fi kún un ni pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kì í fọwọ́ sí i pé orílẹ̀-èdè kan ti mú jàbùtẹ̀ kúrò bí kò bá lè fi hàn pé ìtọ́jú wà fún àwọn tí àrùn náà ti bá, iṣẹ́ abẹ ìpá olómi sì wà nínú ìtọ́jú náà.

Ní Plateau àti Nasarawa gan-an, wọ́n ti dán ohun tó tọ́ wò rí: ní ọ̀sẹ̀ kan pàtó, àwọn dókítà iṣẹ́ abẹ yóò kóra jọ sí ilé ìwòsàn agbègbè, wọn yóò sì ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá olómi fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ètò oògùn ti ṣàwárí ní abúlé wọn, ìròyìn ètò náà sì jáde ní ọdún 2009. Bí oògùn bá tó, kò ní sí ìdí fún ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fífà ni ó burú jù nínú gbogbo èrò yìí, nítorí pé ó jọ ìtọ́jú, ó sì ń yọrí lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń kó omi kúrò ṣùgbọ́n kì í mú awọ tó ń sun ún kúrò, nítorí náà omi yóò padà láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì tún fà á ni ó ṣeé ṣe kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan já, kí ẹ̀jẹ̀ dí àlàfo náà, tàbí kí kòkòrò wọlé sọ omi mímọ́ di ọyún. Èyí pàápàá sì rọrùn ju ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú wíwú náà lọ: bí ìfun bá wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ lè lu ìfun, bí jẹjẹrẹ bá wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ lè ṣí ọ̀nà fún un láti wọ awọ ẹpọ̀n, ìdí sì nìyí tí oníṣẹ́ abẹ tó bá fura sí jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n kì í gba inú ẹpọ̀n yọ ọ́, ibi tí itan ti pàdé ikùn ni ó ń gbà. Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń fa omi, tí wọ́n sì ń fi oògùn kan sínú àpò náà kí awọ rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ra, fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ abẹ. Ìyẹn ní ipò tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹni tó ní abẹ́rẹ́ nínú báàgì ń ṣe.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ kò le tó bí ìbẹ̀rù rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe é, wọn yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn yóò wo ìtọ̀ ṣúgà, wọn yóò béèrè bóyá baba ń mu oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọn yóò sì béèrè bí ó ti ń tọ̀, nítorí pé àgbà tí pírósítéètì rẹ̀ ti wú lè má lè tọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún, tàbí èyí tí wọ́n ń gún sẹ́bàá okùn kóró, yóò mú kí ibẹ̀ kú tipiri láìjẹ́ pé baba sùn. Wọn yóò la awọ ẹpọ̀n, wọn yóò da omi náà sílẹ̀, wọn yóò sì yẹ kóró wò pẹ̀lú ojú ara wọn. Bí awọ tó ń sun omi bá fẹ́lẹ́, wọ́n lè yí i padà sẹ́yìn kóró kí wọ́n sì rán an. Bí ó bá nípọn, tàbí tó jẹ́ ti aràn, ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa jàbùtẹ̀ gbà ni pé kí wọ́n gé púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kúrò, torí pé awọ tó kù ni omi fi ń padà. Wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ̀jẹ̀ tó bá ń sun lè rí ọ̀nà jáde. Kóró ẹpọ̀n kò kúrò níbẹ̀, ìyẹn ló sì fi hàn pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé ọkùnrin tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá kò ní lè bá obìnrin lò mọ́: ohun tí ìpá ńlá ń gbà lọ́wọ́ ọkùnrin, bí awọ rẹ̀ bá bo nǹkan ọkùnrin mọ́lẹ̀, lè padà sí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ewu wà, kò sì dára láti pa á mọ́. Ẹpọ̀n a máa wú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí àwọn tí kò mọ̀ á sì rò pé ìpá ti padà. Ẹ̀jẹ̀ lè gbárajọ, ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, ìpá náà sì lè padà nígbà mìíràn, pàápàá bí wọn kò bá gé awọ tó nípọn tó. Pátá tó há, tó gbé ẹpọ̀n sókè, wúlò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, baba kò sì gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà tàbí gbé ẹrù lákòókò yẹn.

Kì í wá ṣe pé gbogbo ìpá olómi ló gbọ́dọ̀ lọ sí tíátà. Baba ẹni ọdún 64 tí síkáànù fi hàn pé kóró rẹ̀ mọ́, tí wíwú rẹ̀ kò tóbi, tí kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́, rírìn tàbí ìtọ̀, lè jókòó pẹ̀lú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sí oníṣègùn rere tí yóò fi ipá mú un. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Jọ́ọ̀sì wà ní ìlú náà fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó bá sì yàn láti fi sílẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò yóò mọ ohun tí yóò mú un padà: bí wíwú bá yára sí i láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí ó bá le lójijì, bí ibà àti pípọ́n bá bá a, tàbí tí ìrora tó dé lójijì bá bá èébì wá, nígbà yìí kò ní dúró di ọjọ́ kejì.